Ọ̀nà tí omi ń gbà wọ ilé yín, àti ibi tí ẹ ó ti dá a dúró

*Bọ̀dá púlọ́ńbà, ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta kan ní Ìjọ̀kà, l'Ákùúrẹ́ níbí. Bóhóòlù àti táńkì orí òpó ló ń fún un lómi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, họ́ọ̀sì tọ́lẹ́ẹ̀tì àlejò já lóru, a ò sì mọ ibi tí a ó ti ti omi náà. A gbọ́n omi títí táńkì fi gbẹ. Ẹni tó ta ilé fún wa ti kó kúrò nílùú. Níbo ni àwọn fáàfù wọ̀nyẹn máa ń wà, kí ló sì yẹ kí n máa ṣe sí wọn?*

Àǹtí mi, ẹ kú ewu òru yẹn. Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni pé kó wá fọ́ ògiri. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé omi. Ó ń ti inú bóhóòlù gun orí táńkì, ó ń ti orí táńkì sọ̀ kalẹ̀ wá sílé, lẹ́yìn náà ló ń pín sí ilé ìwẹ̀, tọ́lẹ́ẹ̀tì àti ilé ìdáná. Níbi tí ọ̀nà yẹn bá ti yà ni púlọ́ńbà tó bá mọṣẹ́ ti máa ń fi fáàfù sí. Ẹ jáde síta lọ́sàn-án gangan, ẹ dúró ti bóhóòlù, kí ẹ sì máa fojú bá páìpù lọ títí tó fi wọ ògiri. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ibi tí ẹ bá ti rí ohun tí wọ́n lè fọwọ́ yí, ẹ yà á sórí ìwé.

Oríṣi méjì ni ẹ ó máa rí jù. Àkọ́kọ́ ni géètì fáàfù, èyí tó ní orí róbótó bí ìtọ́kọ̀ kékeré, tó sì máa ń pupa lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ó yí i sọ́wọ́ ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà kó tó tì, torí ṣe ni irin pẹlẹbẹ kan ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ láti dí ojú omi. Ìkejì ni èyí tó ní ọwọ́ gígùn. Ìyẹn ò ní wàhálà: tí ọwọ́ rẹ̀ bá na bí páìpù ṣe na, ó ṣí sílẹ̀ nìyẹn, tó bá dábùú páìpù, ó ti tì. Ẹ ò ní yí i ju ìdá mẹ́rin ìyípo kan lọ. Tí wọ́n bá ní kí n yan, èyí ọlọ́wọ́ ni mo máa yàn fún ilé ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá jí gìrì lóru lè fojú lásán mọ̀ bóyá ó ti tì.

Fáàfù àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí wà lẹ́nu bóhóòlù fúnra rẹ̀, níbi tí páìpù ti yọrí láti inú ilẹ̀. Nọ́ní-rítọ́nì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí omi tó ti gòkè padà sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga. Kì í ṣe fáàfù yìí ni ẹ ó sáré lọ bá nígbà tí omi bá ń ya nínú ilé, torí omi tó ti wà lórí táńkì ló ń ya yẹn, kì í ṣe ti inú ilẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ìgbà tí a bá fẹ́ tún pọ́ńpù ṣe tàbí pààrọ̀ páìpù tó gun òkè. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa rẹ̀: ẹ má ṣe tan pọ́ńpù nígbà tí ó bá wà ní títì. Omi ò ní ríbi gbà, pọ́ńpù á máa yí lórí omi kan náà títí tó fi máa gbóná, bí kò bá sì já páìpù níbi tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ti dì dáadáa, ó lè jó ara rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dá omi bóhóòlù dúró, súwíìṣì ni ẹ ó pa.

Èyí tí ẹ ń wá lóru ọjọ́ yẹn wà lábẹ́ táńkì. Ẹ gbójú sókè wo táńkì náà dáadáa, torí páìpù tó wọ inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń ti èyí tí kò yẹ. Èyí tó wọlé láti òkè, nítòsí ìdérí, ni omi pọ́ńpù ń gbà wọlé. Èyí tó yọrí ní òkè bákan náà àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ni omi máa ń gbà ṣàn síta tí táńkì bá kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má dí i láéláé. Nísàlẹ̀ ni èyí tó ń lọ sílé wà. Ó máa ń ga díẹ̀ sí ìdí táńkì, kí ìdọ̀tí tó bá rogún má bàa bá omi wọlé. Táńkì míì tún ní òmíràn tó wà ní ìdí rẹ̀ pátápátá, tí wọ́n fi ń da omi ìdọ̀tí nù nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́. Fáàfù tó wà lórí páìpù tó ń lọ sílé ni ọ̀gá gbogbo wọn. Tí ẹ bá ti ti ìyẹn, kò sí omi tó tún lè ti òkè wá, ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú páìpù nìkan ló máa kán tán.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé púlọ́ńbà púpọ̀ máa ń fi í sókè pátápátá lẹ́bàá táńkì, torí ibẹ̀ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ta ló fẹ́ gun àkàbà gun òpó irin ní aago méjì òru, nínú òjò, láti lọ ti fáàfù? Tí ti yín bá wà lókè nìkan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òmíràn sórí páìpù kan náà níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀, kó ga dé àyà yín, kó jẹ́ èyí tó ní ọwọ́, kí wọ́n sì fi yúníọ̀nì sí i kí a lè tú u láìgé páìpù lọ́jọ́ míì. Iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Páìpù ìsọ̀kalẹ̀ yìí sábà máa ń jẹ́ oníínǹṣì kan. Ẹ wò ó kí ẹ tó ra fáàfù, kí wọ́n má ta oní ìlàjì ínǹṣì fún yín, tó jẹ́ pé á kàn fún omi ilé yín lọ́rùn.

Láti ibẹ̀, páìpù á wọ ilé. Nínú àwọn ilé tó wà ní agbègbè yín, ó sábà máa ń gba ẹ̀yìn ilé, á lẹ̀ mọ́ ògiri níta, á sì máa dá ẹ̀ka sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka bá ti ya, ní ìwọ̀n orúnkún tàbí díẹ̀ sókè. Fáàfù kékeré lè wà níbẹ̀, tí igbó ti bò tàbí tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn mọ́ ògiri. Tí ẹ ò bá rí i níta, ẹ wọ ilé ìwẹ̀. Wọ́n lè fi sínú ògiri lẹ́yìn táìlì, kí ohun tó yọrí síta jẹ́ orí kékeré kan tó ń dán, tí ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹnu ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ ni. Ilé míì ò ní rárá, wọ́n á ní àwọn ń dín ìnáwó kù. Tí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ táìlì nítorí rẹ̀. Níta ni kí ẹ fi í sí, níbi tí páìpù ti fẹ́ wọ ògiri.

Fáàfù tó gbẹ̀yìn ló kéré jù, òun náà sì ni ì bá ti gbà yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀. Họ́ọ̀sì tó já yẹn ní ìdí méjì: ọ̀kan wọ sísítánì, èkejì wọ ohun kan tó yọ láti inú ògiri tó ní orí kékeré. Ohun yẹn ni áńgù fáàfù. Ẹ yí orí rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, omi tọ́lẹ́ẹ̀tì nìkan ló máa dúró, ìyókù ilé á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ó tún rí i lábẹ́ básìnì ìfọwọ́ àti lábẹ́ síǹkì ilé ìdáná. Ó máa ń jẹ́ méjì níbi tí omi gbígbóná bá wà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fọwọ́ kàn án lóru yẹn kí ẹ má sì mọ ohun tó ń ṣe.

Nípa họ́ọ̀sì náà, ẹ má kàn fi òmíràn dípò rẹ̀ kí ẹ sì lọ. Ẹ wo èyí tó já. Tó bá jẹ́ pé okùn irin tó yí i ká ló ti dípẹtà tó sì ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ pé ó ti pẹ́, àwọn ìyókù tí wọ́n jọ rà ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀tì oníke rẹ̀ ló là, á jẹ́ pé ẹnìkan ló fi agbára fún un jù. Rọ́bà kékeré kan wà nínú nọ́ọ̀tì yẹn, òun ló ń dí omi, kì í ṣe agbára apá. Ẹ fọwọ́ lásán yí i títí tó fi le, kí ẹ wá fi sípánà fi ìdá mẹ́rin ìyípo kún un, ó tán. Kò sí ìdí láti wé téèpù funfun sí ìdí tó ní rọ́bà. Ẹ̀gbẹ́ áńgù fáàfù tó wọ inú ògiri ló nílò téèpù. Èmi máa ń gba àwọn oníbàárà mi nímọ̀ràn pé kí wọ́n má jẹ́ kí họ́ọ̀sì ju ọdún márùn-ún lọ, bó ti wù kó ṣì máa dán tó lójú.

Ní báyìí tí ẹ ti rí wọn, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́. Rírí fáàfù yàtọ̀ sí kó tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti táńkì. Ẹ tì í tán, kí ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù, bóyá èyí tó wà níta tí ẹ fi ń fọ ọkọ̀. Omi á kọ́kọ́ máa ṣàn, torí páìpù ní láti kán tán. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá dákẹ́ pátápátá, fáàfù náà ń tì. Tó bá ṣì ń sun tẹ́ẹ́rẹ́ láìdúró, kò tì dáadáa, àmọ́ ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́.

Omi bóhóòlù wa níbí máa ń gbé iyanrìn wẹ́wẹ́ wá, ti àwọn àdúgbò kan sì tún ní irin nínú tó máa ń rogún bí ìpẹtà pupa. Nínú géètì fáàfù, ojú ihò tóóró kan wà nísàlẹ̀ tí irin pẹlẹbẹ yẹn máa ń wọ̀ kó tó dí omi. Tí fáàfù bá ti ṣí sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ihò yẹn ni ìdọ̀tí máa ń jókòó sí. Ẹ ó yí i títí, ọwọ́ á sọ fún yín pé ó ti dé ìdí, àmọ́ orí iyanrìn ló gúnlẹ̀ sí. Ohun tí a máa ń ṣe nìyí: ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ yẹn gbayawu, ẹ ti fáàfù títí tó fi kù díẹ̀ kó tì, kí omi máa fi ipá gba ojú tóóró tó kù. Ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀, omi tó ń jáde sì lè pọ́n. Ẹ jẹ́ kó ṣàn bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣí fáàfù padà díẹ̀, ẹ tún tì í. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, omi fúnra rẹ̀ á ti gbá ihò náà mọ́. Mo ti rí fáàfù tí wọ́n ti fẹ́ ra òmíràn dípò rẹ̀ tó tì dẹndẹ lẹ́yìn èyí.

Tó bá wá jẹ́ pé kò tilẹ̀ yí, ẹ má bínú sí i. Ẹ má ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà láti fi ipá yí orí rẹ̀, torí ọ̀pá tó wà láàárín rẹ̀ lè ṣẹ́, kí irin inú rẹ̀ sì já sílẹ̀ kó dí omi gbogbo ilé, ẹ ò ní lè ṣí i mọ́. Ẹ kán òróró sí ìdí ọ̀pá náà, ẹ jẹ́ kó wọlé di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fọwọ́ yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, díẹ̀ sọ́tùn-ún, kó máa rìn bí ìka ọwọ́ ọmọdé tó ń kọ́ ìwé. Bí kò bá gbọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí táńkì bá ṣófo. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání kí ẹ fi họ abẹ́ rẹ̀ níbi tí kò hàn. Tó bá yọ pupa rúsúrúsú bí idẹ lábẹ́ ohun tó ń dán, idẹ ni. Tó bá funfun bí òjé, ẹ dá a padà fún wọn, á máa jẹra nínú omi, kò sì ní pẹ́ tó fi máa là.

Àrùn kékeré kan tún wà tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí géètì fáàfù tó ti pẹ́, omi lè máa kán ní ìdí ọ̀pá rẹ̀, lábẹ́ orí róbótó yẹn. Kò tíì bàjẹ́. Nọ́ọ̀tì kan wà níbẹ̀ tó ń di okùn tó yí ọ̀pá ká mọ́lẹ̀. Ẹ fi sípánà fún un díẹ̀, díẹ̀ náà ni o, títí tí kíkán á fi dúró tí orí náà á sì ṣì ṣeé yí.

Tí ẹ bá ti parí tí ẹ fẹ́ ṣí omi padà sílé, ẹ má ṣí i gbàà. Omi táńkì wa ò ní ipá púpọ̀. Táńkì tó ga ní mítà mẹ́rin sí ẹnu ẹ̀rọ, ipá rẹ̀ ò ju 0.4 bá lọ. Atẹ́gùn tó bá há sínú páìpù lè dènà rẹ̀ pátápátá, ẹ ó wá máa sọ pé omi ò wá nílé ìwẹ̀ kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ dé ìdajì, ẹ wá ṣí fáàfù táńkì díẹ̀díẹ̀, kí atẹ́gùn rí ọ̀nà jáde. Tí omi bá ti ń ṣàn láìfẹ́ atẹ́gùn pẹ̀ẹ̀ pẹ̀ẹ̀, ẹ máa ti àwọn ẹnu ẹ̀rọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Géètì fáàfù, tí ẹ bá ti ṣí i tán, ẹ dá a padà ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kó má bàa lẹ̀ mọ́ òkè. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní ìdajì láti fi dín omi kù. Omi tó ń fi ipá gba ẹ̀gbẹ́ irin yẹn máa ń jẹ ẹ́ títí tí kò ní lè tì mọ́.

Ìtọ́jú fáàfù ò ju èyí lọ: lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ tì wọ́n kí ẹ sì ṣí wọn padà, láti ti táńkì títí dé áńgù fáàfù tó kẹ́yìn. Mo fẹ́ràn kí àwọn oníbàárà mi ṣe é ní oṣù kọkànlá kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé, àti ní oṣù kẹrin nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ti oṣù kẹrin yẹn, ẹ fi fífọ táńkì kún un, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi bóhóòlù máa ń lọ sílẹ̀ tó sì ń gbé ìdọ̀tí gòkè.

Fáàfù tún ní iṣẹ́ míì tí ọ̀pọ̀ onílé ò mọ̀: ẹ lè fi wọ́n wádìí ibi tí omi ń bá lọ. Màmá kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀dà ráhùn pé pọ́ńpù òun ń mu iná. Táńkì oní 2,000 lítà ni tiwọn, wọ́n á kún un lálẹ́, kì í sì í pẹ́ tó fi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́ta péré ló wà nílé. Kò síbi tó tutù nílẹ̀, ògiri ò rin. Mo ní kí wọ́n má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kí a kọ́kọ́ bi fáàfù.

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí gbogbo èèyàn ti sùn tán, ọmọ wọn gun òkè, ó ki ọ̀pá oparun gbígbẹ bọ inú táńkì títí tó fi kan ìdí, ó yọ ọ́, ó sì fa ìlà kan sí ibi tí omi dé. Wọ́n ti fáàfù táńkì. Láàárọ̀ kùtù, ó tún ki ọ̀pá bọ̀ ọ́: omi ò yẹ̀ níbi tó wà. Ìyẹn wẹ táńkì mọ́. Kò jò, ìsopọ̀ ìdí rẹ̀ ò sì jò. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n fi fáàfù táńkì sílẹ̀ ní ṣíṣí, wọn ò lo omi. Láàárọ̀, omi ti fi sẹ̀ntímítà mẹ́sàn-án relẹ̀. Táńkì náà fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1.2, nítorí náà sẹ̀ntímítà kan nínú rẹ̀ jẹ́ bíi lítà 11. Ó ti tó lítà 100 tó lọ lóru láìsí ẹni tó mu ún. Inú ilé ló wà nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n ṣí fáàfù táńkì sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti áńgù fáàfù tọ́lẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Omi ò relẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì.

Èwo nínú méjèèjì? Mo ní kí wọ́n po búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, kí wọ́n da díẹ̀ sínú sísítánì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má fọn ọ́n. Kò tó ìdajì wákàtí tí àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì inú yàrá ti yọ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí okùn òwú. Omi ń gba abẹ́ rọ́bà sísítánì wọ inú àwo, ó ń gba àwo bọ́ sí sókáwéè, láìpariwo. Rọ́bà ìdí sísítánì lásán ni a pààrọ̀, a sì fi kànìnkànìn nu ibi tó ń jókòó sí mọ́, nítorí ìpẹtà pupa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti di èèpá níbẹ̀. Ẹ lè fi búlúù dán ti yín wò lónìí, kò gba owó.

Hítà omi gbígbóná ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, tí ẹ bá ní i. Fáàfù rẹ̀ wà lórí páìpù omi tútù tó ń wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó tì í, ẹ pa iná hítà náà lára ògiri, torí tí omi inú rẹ̀ bá tán tí iná ṣì wà lórí rẹ̀, irin tó ń gbóná nínú rẹ̀ á jó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ ó rí fáàfù kékeré kan tó ní ẹnu síta, tó ní ọwọ́ tín-ín-rín, tí omi á máa kán láti ẹnu rẹ̀ nígbà tí hítà bá ń gbóná. Àwọn kan á sọ fún yín pé ó ń jò, wọ́n á ní kí ẹ fi nọ́ọ̀tì dí i. Ẹ má gbà. Omi máa ń wú nígbà tó bá gbóná, ibẹ̀ sì ni àṣẹ́kù rẹ̀ ń gbà jáde. Tí ẹ bá dí i, tí ohun tó ń pa iná hítà fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, omi yẹn á máa gbóná lọ láìríbi gbà, hítà á sì bẹ́ mọ́ ẹni tó wà nílé ìwẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí omi tú jáde díẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé kò tíì lẹ̀ pọ̀. Tí kò bá tú nǹkan kan jáde, tàbí tí omi rẹ̀ ń ṣàn gbùùrù láìdúró kódà nígbà tí hítà tutù, ẹ pa iná rẹ̀ kí ẹ má sì tan án títí wọ́n á fi pààrọ̀ fáàfù náà. Púlọ́ńbà ló ni iṣẹ́ yẹn. Ẹ má dán an wò fúnra yín.

Tí nǹkan bá tún já lóru, áńgù fáàfù ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Tí kò bá tì, ẹ sáré jáde lọ ti ti yàrá náà, tàbí ti táńkì. Ẹ pa súwíìṣì pọ́ńpù pẹ̀lú, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tó ń tan ara rẹ̀ nígbà tí omi bá relẹ̀, torí á kàn máa pọn omi fún yín gbọ́n ni. Tó bá wá jẹ́ pé fáàfù táńkì náà kọ̀ tí kò tì, ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ tó wà níta gbayawu, kí ẹ sì ṣí èyí tó wà ní ìdí táńkì tí ẹ bá ní i. Omi á kúkú lọ sí àgbàlá ju inú pálọ̀ lọ, ẹ sì tún lè gbé garawa sí i.

Ìwé tí ẹ yà yẹn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ fi ọ̀dà pupa kùn orí fáàfù táńkì, ẹ sì pe gbogbo ará ilé jáde lọ́sàn-án, títí kan ọmọ tó bá ti lè de ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ tì í kó sì ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá ra fáàfù ọlọ́wọ́ tí mo sọ yẹn, ẹ ya àwòrán ibi tí páìpù ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó gé e, kí n lè sọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e sí.